Ẹ má tètè sún sítọ́ọ̀pù yín sókè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa n'Ílọrin. Ká ní ẹ ra kọ́ìnì kan ní dọ́là 100, ó gun 120, ó wá rọ̀ sí 112, ó tún ń gòkè. Ẹ má tíì fọwọ́ kan sítọ́ọ̀pù, ìyẹn iye tí ẹ ní kí wọ́n bá yín tà á tó bá já débẹ̀. 112 yẹn kò tíì di ìsàlẹ̀ gidi, àfi tí káńdù wákàtí mẹ́rin, ìyẹn ọ̀pá tó ń fi ìrìn iye owó láàárín wákàtí mẹ́rin hàn lórí ṣáàtì, bá parí lókè 120. Ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ gbé sítọ́ọ̀pù sí 110, kì í ṣe 111.9, torí ìrù káńdù, ìyẹn ìlà tín-ín-rín abẹ́ ọ̀pá náà, máa ń yọ bọ́ sábẹ́ ìsàlẹ̀ kó tó padà sókè. Ibẹ̀ ló ti ń já ọ̀pọ̀ sílẹ̀. Tó bá tún gun 135, tó rọ̀ sí 126, ẹ dúró kó kọjá 135 kẹ́ ẹ tó sún un sí 124. Ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ní Gàmbàrí ò nílò àtimáa wo fóònù ní gbogbo ìṣẹ́jú. Àmọ́ ẹ ò ní tà á ní téńté o. Díẹ̀ nínú èrè máa bọ́.