Bí a ṣe ń mọ iye tí oníṣòwò fi lé orí wúrà

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ní Ìjẹ̀bú-Òde ra ọ̀pá wúrà gíráàmù kan, èyí tí kò tóbi ju èékánná lọ. Nígbà tó délé tó wo iye wúrà lórí fóònù, ó fárí gá: wọ́n ti rẹ́ òun jẹ! Wọn ò rẹ́ ẹ jẹ. Iye tó ń wò kì í ṣe iye irú ọjà tó rà ni.

Iye orí fóònù yẹn ni iye ọjà àgbáyé. Dọ́là ni wọ́n fi ń pè é, fún áúnsì tírọ́yì kan, tí í ṣe gíráàmù 31.1. Iye tí àwọn báńkì àti iléeṣẹ́ ńlá fi ń bá ara wọn dòwò ni, ọ̀pá tí wọn sì ń tà láàárín ara wọn ní Lọ́ńdọ̀nù wúwo tó kílò 12 lé díẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kékeré ló máa san owó yíyọ́, owó títẹ òǹtẹ̀, owó dídì sínú ike, owó ọkọ̀ àti ìbánigbófò, kí èrè oníṣòwò tó wá gùn ún. Àròpọ̀ gbogbo rẹ̀ ni mo ń pè ní àlékún níbí.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣírò rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ mọ iye ojúlówó wúrà tó wà nínú ohun tí wọ́n fẹ́ tà fún yín. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀. Kúrúgáráńdì, owó wúrà tí Gúúsù Áfíríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1967, wúwo tó gíráàmù 33.93, ṣùgbọ́n káráàtì 22 ni. Wọ́n po bàbà mọ́ ọn. Áúnsì kan péré ni wúrà inú rẹ̀. Bí ẹ bá gbé e sórí ìwọ̀n tẹ́ ẹ sì fi gbogbo ìwúwo rẹ̀ ṣírò, ẹ ó rò pé oníṣòwò ń ta á lówó pọ́ọ́kú, nígbà tó jẹ́ pé bàbà lẹ ń díye lé bíi wúrà.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi iye áúnsì ojúlówó wúrà náà sọ iye ọjà àgbáyé di púpọ̀, kẹ́ ẹ yọ èsì rẹ̀ kúrò nínú owó tí wọ́n pè. Ohun tó ṣẹ́kù ni àlékún. Ẹ pín in pẹ̀lú èsì àkọ́kọ́ yẹn, kẹ́ ẹ fi 100 sọ ọ́ di púpọ̀.

Ká ní áúnsì kan jẹ́ dọ́là 3,000. Wọ́n ní kẹ́ ẹ san 3,135 fún Kúrúgáráńdì kan: àlékún rẹ̀ jẹ́ 135, ìyẹn 4.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n ní kí ẹ̀gbọ́n mi san 112 fún gíráàmù kan, tí wúrà inú rẹ̀ tó dọ́là 96.45 lọ́jà àgbáyé. Àlékún tirẹ̀ jẹ́ 15.55 péré, ṣùgbọ́n ó ju 16 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Kí ló fà á? Ẹ lọ sí ọjà Òkè-Ajé, kẹ́ ẹ fi gààrí tí wọ́n ń wọ̀n ní kóńgò wé odidi àpò. Iṣẹ́ títẹ òǹtẹ̀ sórí gíráàmù kan kò fi bẹ́ẹ̀ dín kù sí ti áúnsì kan, wúrà tó máa ru ìnáwó náà ló kéré. Ohun tó ń mú kí àlékún fàdákà pọ̀ ju ti wúrà lọ náà nìyẹn.

Àlékún kì í dúró sójú kan. Ní oṣù kẹta 2020, àrùn kòrónà ti àwọn iléeṣẹ́ ńlá tó ń yọ́ wúrà ní Tísínò, ní Switsáláńdì, pa, lásìkò tí gbogbo ayé ń wá wúrà rà. Àlékún orí owó wúrà àti ọ̀pá kéékèèké fò sókè, nítorí ọjà tí wọ́n ti rọ ló wọ́n.

Nílé wa níbí, ẹ tún béèrè iye tí oníṣòwò ṣẹ́ dọ́là sí náírà. Bí ọjà bá ń ṣẹ́ ẹ ní 1,500 tí òun lo 1,560, ó ti fi 4 nínú ọgọ́rùn-ún mìíràn pamọ́ síbẹ̀, ó sì lè máa búra pé àlékún òun kéré.

Ìbéèrè tó kù ni èyí tí ẹ̀gbọ́n mi kò bi wọ́n: èló lẹ máa rà á padà? Ká ní wọ́n máa ra gíráàmù náà padà ní 94 lónìí. Wúrà gbọ́dọ̀ gòkè tó 19 nínú ọgọ́rùn-ún kí 112 rẹ̀ tó padà sápò. Ẹni tó ra Kúrúgáráńdì ní 3,135, tí wọ́n máa gbà á ní 2,970, kò nílò ju 5.6 lọ. Mo ní kó jẹ́ kí òun àti àwọn àbúrò rẹ̀ méjì dáwó pọ̀ ra ẹyọ kan nígbà mìíràn. Ó ní lọ́wọ́ ta ni yóò wà?