Bí Mo Ṣe Kọ Àyẹ̀wò Ìwé Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Kan Láì Tú Àṣírí Rẹ̀

Ìwé ìtàn àròsọ náà ní ojú ìwé 320. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dùn, ìparí rẹ̀ kò tẹ́ mi lọ́rùn, ìparí ọ̀hún gan-an ni n kò sì gbọdọ̀ sọ. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

Kí n tó kọ ohunkóhun, mo fa ààlà sí ojú ìwé 80, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́rin. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú ibẹ̀, mo lè dárúkọ rẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀, bó ṣe rí lára mi nìkan ni mo lè sọ. N kò fi ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ìwé ṣe òṣùwọ̀n, torí ẹni tó fẹ́ tajà kì í pa gbogbo àṣírí mọ́. Ti ìwé yìí ti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ojú ìwé 140!

Nípa ìparí, mo kọ́kọ́ kọ ọ́ pé: "Ìyípadà ńlá tó wà níparí kò wọ̀ mí létí." N kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ àṣírí ti tú. Ẹni tó bá ti mọ̀ pé ìyípadà ń bọ̀ yóò máa fura sí gbogbo ẹ̀dá ìtàn tó ń ṣe bí ọmọlúàbí. Mo pa á rẹ́, mo padà sínú ìwé kékeré tí mo ń kọ nọ́ńbà ojú ìwé àti ìmọ̀lára mi sí bí mo ṣe ń kà á. Níbẹ̀ ni mo ti rí ìdí rẹ̀: ìwádìí gba ojú ìwé tó lé ní 200, àlàyé rẹ̀ gba 9 péré. Mo wá kọ ọ́ báyìí: "Òǹkọ̀wé fara balẹ̀ ta kókó náà, àmọ́ ó kánjú tú u. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ojú ìwé 9 tó gbẹ̀yìn kó tó yé mi."

Èdè wa gbè mí, ó sì tún fẹ́ dà mí. "Ó" kì í sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, ìyẹn dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi "wọ́n" ọlọ́wọ̀ pe ọ̀daràn tí à ń wá, mo ti yọ gbogbo ọ̀dọ́ inú ìwé kúrò nínú ẹjọ́. Mo tún bá "nígbà ayé rẹ̀" nínú gbólóhùn mi kan, nípa ẹni tó ṣì wà láàyè títí di ojú ìwé 200.

Níkẹyìn, mo fún ẹnì kan tí kò tíì ka ìwé náà ní àyẹ̀wò mi. N kò bi í bóyá ó dára, mo bi í pé, "Kí lo rò pé ó máa ṣẹlẹ̀?" Ó dárúkọ ọ̀rẹ́ aládùúgbò kan pé òun ni ọ̀daràn, àbá rẹ̀ sì tọ̀nà. Gbólóhùn mẹ́ta ni mo fi yin ẹ̀dá ìtàn yẹn, nígbà tí àwọn yòókù gba ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Mo gé méjì dànù.