Bí irun ẹ̀bátí mi ṣe padà hù

Odidi oṣù mẹ́rin ni mo fi ń fi omi àlùbọ́sà pa ẹ̀bátí mi lálaalẹ́. Awọ ibẹ̀ pọ́n, ó ń ta mí, irun kò sì hù.

Ìwádìí kan lórí omi àlùbọ́sà tó jáde ní 2002 dá lórí àwọn tí irun wọn ń já ní roboto roboto nítorí pé ara wọn fúnra rẹ̀ ló ń gbógun ti irun. Nínú àwọn 23 tó fi pa orí, irun 20 hù láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ṣùgbọ́n àìsàn yẹn máa ń lọ fúnra rẹ̀ nígbà mìíràn, tèmi kò sì jọ ọ́ rárá. Irun tí mò ń dì le jù ló ń fa gbòǹgbò tu. Ohun tó fi hàn mí ni pé etí irun nìkan ló ń pá, kókó wẹ́wẹ́ sì máa ń sú síbẹ̀ bí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dirun.

Mo dáwọ́ irun dídì dúró. Mo kán ẹ̀kán mẹ́fà òróró ewé rosimárì sínú ṣíbí ńlá òróró lárà kan, torí pé rosimárì lásán lè jó awọ. Ní 2015, wọ́n fi rosimárì wé minosídìlì 2%, oògùn tí wọ́n ń fi pa orí kí irun lè hù, lára àwọn ọkùnrin tó ń pá. Oṣù kẹfà ni irun tó pọ̀ sí i, ọgbọọgba sì ni àwọn tó lo rosimárì àti àwọn tó lo minosídìlì. Kò sí ẹni tí wọn kò fún ní nǹkan kan nínú wọn, nítorí náà ẹ̀rí náà kò lágbára. Lárà ní tirẹ̀ kàn ń mú irun dán ni.

Ní oṣù karùn-ún, irun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yọ. Irun tí mi ò dì mọ́ ni mo gbà pé ó ṣe é. Bí ojú ibẹ̀ bá ti ń dán láìsí ihò irun, ẹ lọ rí dókítà awọ ara.