Abẹ́rẹ́ tí kò gbọdọ̀ yẹ wákàtí rẹ̀: bí a ṣe ń ṣe ìtọ́jú oyún inú ìgò

Ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta nǹkan oṣù ni ìtọ́jú yìí sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Lójoojúmọ́, fún bí ọjọ́ 8 sí 12, obìnrin á máa gba abẹ́rẹ́ tó ń mú kí ẹyin púpọ̀ dàgbà lẹ́ẹ̀kan náà. Abẹ́rẹ́ abẹ́ awọ ikùn ni, ó kúrú, ó sì tín-ínrín. Ẹ jìnnà sí ìdodo ní ìwọ̀n ìka méjì, kí ẹ gún ọ̀tún lónìí, òsì lọ́la. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù ìrora lè fi yìnyín tí a fi aṣọ wé pa ojú ibẹ̀ díẹ̀ ná. Bí ilé ìwòsàn kò bá fún yín ní àpótí abẹ́rẹ́ àlòkù, ike ọṣẹ olómi tó nípọn tó sì ní ìdérí tó o.

Dókítà á máa fi ẹ̀rọ ayàwòrán wo àwọn àpò omi tí ẹyin ń gbé inú wọn. Tó bá tó bí ọjọ́ karùn-ún tàbí ìkẹfà, wọ́n sábà máa ń fi abẹ́rẹ́ mìíràn kún un, èyí tí kì í jẹ́ kí ẹyin já kó tó àsìkò. Nígbà tí bí àpò mẹ́ta bá ti fẹ̀ tó mìlímítà 17 tàbí 18, abẹ́rẹ́ kan ló kù, ibẹ̀ gan-an ni mo sì ti máa ń rí àwọn tó ń ba iṣẹ́ jẹ́.

Abẹ́rẹ́ yìí ló ń mú ẹyin gbó, tó sì ń tú u kúrò lára ògiri àpò rẹ̀. Bí wákàtí 34 sí 36 kí wọ́n tó kó ẹyin ni a ń gún un. Ká ní wọ́n fẹ́ kó ẹyin ní aago 9 àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, tí dókítà sì fẹ́ wákàtí 36: aago 9 alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Ẹni tó bá sùn lọ, tó wá gún un ní aago 12 òru, wákàtí 33 péré ló fún un. Púpọ̀ nínú ẹyin náà lè má tíì gbó. Ẹni tó bá ka àárọ̀ sí alẹ́, tó gún un ní aago 9 àárọ̀ Ìṣẹ́gun, ti fún un ní wákàtí 48, ẹyin á ti já sínú ikùn kí wọ́n tó dé ibẹ̀. Nítorí náà, ẹ kọ ọjọ́, wákàtí, àti "àárọ̀" tàbí "alẹ́" sórí bébà, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ fíríìjì. Fóònù méjì ni kó máa ké, ti ìyàwó àti ti ọkọ. Bí wákàtí bá yẹ̀, ẹ pe ilé ìwòsàn lóru náà, kí ẹ sì sọ wákàtí tí ẹ gún un gan-an. Wọ́n lè sún kíkó ẹyin síwájú, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi pamọ́, kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe.

Àṣìṣe kejì wà nínú pípo oògùn. Òmíràn máa ń wá ní ìgò méjì, ẹ̀tù nínú ọ̀kan, omi nínú ìkejì. Àwọn kan ti gún omi nìkan! Ẹ fa omi sínú ẹ̀tù, ẹ rọra yí ìgò náà, ẹ má gbọ̀n ọ́n, ẹ wá fa gbogbo rẹ̀ padà. Èyí tó wà ní pípò tẹ́lẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù.

Bí àpò ẹyin bá pọ̀ jù, dókítà lè pààrọ̀ abẹ́rẹ́ tó ń mú ẹyin gbó náà, nítorí irú tó wọ́pọ̀ lè mú kí ikùn wú kómi sì kún inú rẹ̀. Bí ikùn bá ń wú kíákíá, tí èémí ń ṣòro tàbí tí ìtọ̀ dínkù, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ, ẹ má dúró dọjọ́ àyẹ̀wò.

Kíkó ẹyin kò gba àkókò. Ẹ máa gbààwẹ̀ wá, wọ́n á fún yín ní oògùn oorun, wọ́n á sì gba ojú ara fa omi inú àpò náà. Ọjọ́ náà ni wọ́n ń pa ẹyin pọ̀ mọ́ àtọ̀, ọjọ́ kejì ni wọ́n ń mọ èyí tó gbà. Ní ọjọ́ kẹta tàbí ìkarùn-ún, wọ́n á fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gbé ọlẹ̀ sínú ilé ọmọ. Ojú ẹni ń là sílẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí ẹ mu omi wá, ẹ má tọ̀ ọ́ dànù, àpò ìtọ̀ tó kún ló ń jẹ́ kí ẹ̀rọ rí ọ̀nà. Oògùn tó ń gbé ilé ọmọ ró, tí wọ́n sábà ń ní kí ẹ máa fi sójú ara, ẹ máa lò ó títí wọn yóò fi ní kó tó.

Ẹ fi àyẹ̀wò ìtọ̀ ti ilé sílẹ̀. Irú abẹ́rẹ́ amẹ́yingbó tó wọ́pọ̀ jù jẹ́ họ́mọ̀nù oyún fúnra rẹ̀, ó sì lè wà lára tó bí ọjọ́ 10 sí 14. Ilà méjì lè yọ láìsí oyún kankan. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ní ọjọ́ tí ilé ìwòsàn bá dá, ni kí ẹ dúró dè.