Tẹlifíṣọ̀n tó ń pa ara rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 40: eruku nìkan kọ́

Tẹlifíṣọ̀n LED onííǹṣì 43 ni, nínú pálọ̀ kan n'Íbàdàn, ní àsìkò ọyẹ́. Bí wọ́n bá tàn án, àwòrán á jáde dáadáa, ohùn á já gaara. Tó bá ti ń lọ sí ìṣẹ́jú 40, á ṣàdédé kú, iná pupa kékeré tó wà níwájú rẹ̀ nìkan ni yóò máa tàn. Bí wọ́n bá tún un tàn lójú ẹsẹ̀, kì í lò ju ìṣẹ́jú 5 lọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ kó sinmi fún wákàtí kan, á tún lo ìṣẹ́jú 40 rẹ̀ pé.

Sísinmi tó ń sinmi kó tó le tún ṣiṣẹ́ yìí ló jẹ́ kí n fura sí ooru. Tẹlifíṣọ̀n tó bá ń kú láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tí ẹ tàn án, ó ṣòro kó jẹ́ ooru. Ẹ kọ́kọ́ wo iná ẹ̀yìn àwòrán tàbí bọ́ọ̀dù tó ń pín iná. Èyí tó bá sì ń kú ní déédéé àkókò kan, yálà ó gbóná tàbí kò gbóná, ẹ lọ wo `Sleep Timer` nínú `Settings` kí ẹ tó fọwọ́ kan síkírù kankan.

Inú kọ́bọ́ọ̀dù onígi ni wọ́n gbé e sí. Mo wọn àyè tó kù: sẹ̀ǹtímítà 2 péré lókè, sẹ̀ǹtímítà 3 lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Pílááwùdù ni wọ́n fi dí ẹ̀yìn rẹ̀ pa, àfi ihò wáyà kan tí kò ju ẹnu ife lọ. Díkódà wà lábẹ́ rẹ̀, sitabiláísà wà lẹ́yìn rẹ̀, àwọn méjèèjì sì ń mú ooru tiwọn wá. Mo ki tẹmọ́mítà olókùn, irú èyí tí àwọn tó ń fi ẹ̀rọ pa ẹyin ń lò, sí òkè ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n náà. Inú pálọ̀ jẹ́ 31°C. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n fi máa kú, inú kọ́bọ́ọ̀dù ti di 52°C. Afẹ́fẹ́ tó yí i ká nìyẹn. Àwọn bọ́ọ̀dù inú rẹ̀ gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Kí n má bàa di ẹ̀bi ru ohun tí kò jẹ̀bi, mo gbé e jáde sórí tábìlì láì tíì nù ún, mo sì tàn án. Ó lo wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 10 kó tó kú. Ìyẹn ni pé ọ̀ràn kọ́bọ́ọ̀dù wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn tún wà nínú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀.

Mo yọ ọ́ lára sọ́kẹ́ẹ̀tì, mo fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30. Pípa tí ẹ fi rìmóòtù pa á kò tó rárá. Kapásítọ̀ ńlá tó wà lórí bọ́ọ̀dù iná le di iná tó ju fóòtì 300 lọ mú lẹ́yìn tí ẹ ti yọ ọ́, nítorí náà ẹ má fi ìka kan apá ibẹ̀ kódà lẹ́yìn ìdúró yẹn. Mo da ojú rẹ̀ bolẹ̀ lórí ibùsùn tí mo tẹ́ aṣọ ìnura sí, mo sì tú síkírù ẹ̀yìn. Mo to wọ́n bí wọ́n ṣe wà lára rẹ̀ gan-an, torí àwọn tó di ẹsẹ̀ mú gùn ju ìyókù lọ. Èyí tó gùn tí ẹ bá fi sí ihò kúkúrú le wọnú lọ ba nǹkan jẹ́. Ẹ rọra ṣí ìdérí náà o. Nínú àwọn kan, wáyà bọ́tìnnì so mọ́ ọn, ẹni tó bá fi agbára fà á á já a.

Eruku bo bọ́ọ̀dù iná bí òwú, ó sì ti dí púpọ̀ nínú àwọn ihò ìsàlẹ̀ tí afẹ́fẹ́ tútù ń gbà wọlé. Ilé ìdáná ò jìnnà sí pálọ̀ náà, torí náà èéfín epo ti jẹ́ kó lẹ̀. Ohun tí eruku ń ṣe kò ju ti kúbùsù lọ: ó ń bo irin tó yẹ kó máa lé ooru kúrò, ooru á wá dúró lára ohun tó mú un jáde. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé tuntun, gbígbẹ, onírun rírọ̀, gbá a díẹ̀díẹ̀, mo wá fi bílówà fẹ́ ìyókù láti ọ̀nà bí sẹ̀ǹtímítà 30, ní agbára tó kéré jù. Tó bá sún mọ́ ọn jù, ó le tú àwọn wáyà pẹlẹbẹ kúrò ní ojú wọn. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ, itọ́ á bá a lọ. Ẹ má sì fi aṣọ tútù débẹ̀. Mo wo orí àwọn kapásítọ̀, gbogbo wọn tẹ́ pẹrẹsẹ. Ká ní ọ̀kan wú ni, gbígbá eruku kò ní tán an.

Lórí tábìlì, ó ṣiṣẹ́ láti ìrọ̀lẹ́ títí di àkókò oorun láì kú. Mo dá a padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù: ìṣẹ́jú 70, ó kú. Ibí ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ àtúnṣe ti ń bàjẹ́. Ẹ á gbá eruku, ẹ á gbé e padà síbi tó há sí, ó di ọ̀sẹ̀ kejì kí onílé tó tún pè yín.

Káfíńtà gé ojú kan sí òkè pílááwùdù ẹ̀yìn, ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 60, ó fẹ̀ ní 8. Mo rò pé yóò tó, torí òkè ni ooru ń lọ. 52°C kàn wálẹ̀ sí 47°C ni. Àṣìṣe tèmi ni: ààrò eléèédú tí ẹ bá dí ẹnu rẹ̀ ìsàlẹ̀ kì í fẹ́. Afẹ́fẹ́ gbígbóná kò le jáde bí tútù kò bá rí ibi wọlé. A gé ojú kejì, bákan náà, sí ìsàlẹ̀ gan-an, a sì fa kọ́bọ́ọ̀dù kúrò lára ògiri ní sẹ̀ǹtímítà 10, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ògiri á dí ojú méjèèjì. Díkódà àti sitabiláísà bọ́ sí ìta. Mo tún din `Backlight` kù láti 100 sí 70, nítorí iná ẹ̀yìn àwòrán ló ń jẹ iná jù nínú tẹlifíṣọ̀n LED, ojú kò sì fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀ rẹ̀ lálẹ́. Lẹ́yìn wákàtí 4, tẹmọ́mítà wà ní 37°C, tẹlifíṣọ̀n ṣì ń ṣiṣẹ́.

Wọ́n bi mí bóyá kí wọ́n fi nẹ́ẹ̀tì bo ojú tí a gé. Mo ní rárá. Nínú ọyẹ́, nẹ́ẹ̀tì á dí kíákíá, ẹ á sì padà síbi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Aṣọ ọlọ́nà tí wọ́n máa ń tẹ́ sórí tẹlifíṣọ̀n náà, a ká a kúrò. Bí wọ́n bá fẹ́ bò ó nítorí eruku, kó jẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti pa á tó sì ti tutù, kí wọ́n sì ṣí i tán pátápátá kí wọ́n tó tàn án. Lọ́sẹ̀ méjì méjì, títí ọyẹ́ á fi lọ, kí wọ́n yọ ọ́ lára sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbá àwọn ihò rẹ̀ láti ìta, láì tú síkírù kankan.