Lọ́fínńdà Tí Kọ́sítíìkì Ń Pa: Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nídìí Ọṣẹ Olóòórùn

"Odindi ìgò lọ́fínńdà ni mo dà sí i, síbẹ̀ ọṣẹ náà kò ta sánsán." Ẹni tó bá ń kọ́ àwọn èèyàn ní ọṣẹ pípò á gbọ́ gbólóhùn yìí títí etí á fi kún. Kì í ṣe pé wọ́n kò dà á tó. Ìgò tí wọ́n rà ni kì í ṣe ti ọṣẹ. Ẹ̀yin tí mò ń bá wí ti mọ̀ pé inú omi là ń da kọ́sítíìkì sí, pé a kì í da omi lé e lórí, nítorí náà mi ò ní tún ìyẹn sọ.

Àṣìṣe kìíní: ẹ ń fi imú nìkan ra lọ́fínńdà. Òórùn tó wà nínú ìgò kọ́ ni yóò wà nínú ọṣẹ. Kọ́sítíìkì tí kò tíì bá epo parí iṣẹ́ máa ń já ọ̀pọ̀ òórùn èso sí wẹ́wẹ́, irú bí ọ̀pẹ̀ òyìnbó àti ápù. Òórùn ọsàn fúyẹ́, ó ń tètè fẹ́ lọ. Òórùn koóko ọba, tí àwọn kan ń pè ní ewé tíì, máa ń dúró dáadáa. Kànáfùrù náà ń dúró, àmọ́ ó máa ń mú kí ọṣẹ tètè ki.

Ìkejì: lọ́fínńdà tí a ń fín sára. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀ fún aṣọ. Álíkọ́ọ̀lù inú rẹ̀ lè sọ àpòpọ̀ yín di òkìtì gbagidi kí ẹ tó gbé e dé mọ́ọ̀dù. Tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ òǹtajà, yálà l'Ọ́jọ́ta ni o tàbí níbòmíràn, ẹ má bi í pé "ṣé ó dára?" Kí ni ẹ rò pé yóò sọ? Ẹ bi í bóyá ó wà fún ọṣẹ tí a fi kọ́sítíìkì po, ìdá mélòó ni èèyàn lè lò láìba awọ ara jẹ́, àti bóyá faníílà wà nínú rẹ̀.

Faníílà ni ìkẹta. Ọṣẹ tó funfun lónìí lè di àwọ̀ ṣokoléètì láàárín ọjọ́ díẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kò bàjẹ́ o, bó ṣe ń ṣe nìyẹn. Tí ẹ bá fẹ́ ọṣẹ funfun, ẹ wá òórùn mìíràn.

Ìdérí ìgò kì í ṣe òṣùwọ̀n.

Ìkòkò alumíníọ̀mù: kọ́sítíìkì ń jẹ ẹ́.

Mo ti gbàgbé iye tí mo kà dé, ẹ jẹ́ ká dé orí èyí tó ń bí mi nínú jù: ẹ kì í dán an wò. Ẹ ó ra lítà kan, ẹ ó dà á sínú ọṣẹ kílò mẹ́wàá, ẹ ó wá máa sunkún. Báyìí ni kí ẹ ṣe. Ẹ wọn àdín gíráàmù 250 àti epo pupa gíráàmù 250. Kọ́sítíìkì gíráàmù 75 àti omi gíráàmù 165 ló kàn án; ìwọ̀n yẹn fi epo díẹ̀ sílẹ̀ kí ọṣẹ má bàa ta awọ ara. Ẹ jẹ́ kí kọ́sítíìkì àti epo tutù sí bí ìwọ̀n ooru 40 ti Sẹ́síọ́ọ̀sì, kí ẹ sì pò wọ́n pọ̀ títí yóò fi rí bí ògì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ki. Ẹ pín in sí ife ike márùn-ún, bíi gíráàmù 148 nínú ife kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi lọ́fínńdà gíráàmù 3 sí ife mẹ́rin, oríṣi kan sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi ìkarùn-ún sílẹ̀ lásán.

Ẹ máa fi ṣíbí rò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ máa wò ó. Tó bá ń di hóróhóró bíi ìrẹsì, ẹ tẹra mọ́ ríro. Tó bá le gbagidi lójijì, kò tíì ṣòfò: ẹ gbé e sórí iná kékeré nínú ìkòkò irin tí kì í dípẹtà, ẹ sè é títí yóò fi yọ́, kí ẹ tó kì í sínú mọ́ọ̀dù. Àmọ́ ẹ kọ orúkọ lọ́fínńdà yẹn sílẹ̀, torí ohun tó ṣe nínú ife ni yóò ṣe nínú kílò mẹ́wàá.

Ẹ fi aṣọ ìnura bo àwọn ife náà kí wọ́n gbóná díẹ̀, torí mọ́ọ̀dù ńlá máa ń gbóná ju ife lọ, ooru yẹn sì ń lé òórùn. Ẹ gbóòórùn wọn lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, àti lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, tí ọṣẹ náà ti gbẹ dáadáa. Ẹ fi ife lásán ṣe àfiwé, pàápàá tó bá jẹ́ àdín dúdú lẹ lò, torí òórùn tirẹ̀ náà kì í ṣe kékeré. Èyí tí ẹ kò bá lè fi imú yà sọ́tọ̀ kúrò lára ife lásán lọ́sẹ̀ kẹrin, ẹ má ra lítà kan rẹ̀.