Bí Mo Ṣe Fi Àmàlà àti Bọ́ọ̀lù Ṣí Ọ̀rọ̀ Pẹ̀lú Ẹni Tí Mi Ò Rí Rí

Tí wọ́n bá fún èèyàn ní nọ́ńbà ẹni tí kò rí rí, ìkíni kì í ṣòro. Ohun tó máa tẹ̀lé ìkíni ló ń le. "Ẹ káàárọ̀, ṣé dáadáa lẹ jí?" "A dúpẹ́." Ìwọ náà á dúpẹ́, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀, ó di ọjọ́ kejì kí ẹ tó tún kí ara yín. Mo mọ àwọn tí wọ́n kí ara wọn báyìí fún oṣù kan gbáko, tí wọn ò sì mọ ohun kan ṣoṣo nípa ara wọn. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ ròyìn bí èmi ṣe ṣe é nígbà tí àǹtí mi fún mi ní nọ́ńbà arábìnrin kan ní Ìbàdàn. Ìjẹ̀bú-Òde ni mò ń gbé. Gbogbo ohun tí àǹtí mi sọ fún mi ni pé ọmọ Ìbàdàn ni, pé báńkì ló ti ń ṣiṣẹ́, àti pé ó ti gbà kí n kọ̀wé sí òun.

Kí n tó kọ ohunkóhun, mo wo ohun tí òun fúnra rẹ̀ gbé síta lórí Wátsáàpù rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mi ò lọ tú àwòrán ayé àtijọ́ rẹ̀ wò níbòmíràn. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, kò ní pẹ́ tí yóò fi sọ ohun tó máa já ẹni ẹlẹ́ni láyà. Àwo àmàlà kan ló gbé síbẹ̀, gbẹ̀gìrì àti ewédú lórí rẹ̀, ẹran orí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ohun tó fẹ́ kí ayé rí nìyẹn, kò sì sí ẹni tó máa bínú pé a rí i.

Tí mo bá bi í pé "Ṣé ẹ fẹ́ràn àmàlà?", "Bẹ́ẹ̀ ni" ló máa fi dá mi lóhùn, ó tán. Ohun tí mo kọ nìyí: "Ẹ káàsán mà. Èmi ni ẹni tí àǹtí mi sọ fún yín pé á kọ̀wé. Mo rí àmàlà yín. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, ẹ̀bà ni wọ́n fi tọ́ mi. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ìbàdàn, ibo lẹ máa ní kó ti lọ jẹ àmàlà, kí ló sì dé tó fi jẹ́ ibẹ̀?" Mo ti sọ ibi tí mo ti wá àti ohun tí mò ń jẹ, kó má baà dà bíi pé mo kàn ń fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Mo sì bi í ní ohun tó mọ̀ jù mí lọ. Kò sí ọmọ Ìbàdàn tí kò ní ibi tó ti ń jẹ àmàlà tó sì lè gbèjà rẹ̀. Ọ̀rọ̀ "kí ló dé" tó wà níparí ìbéèrè yẹn ló ṣe pàtàkì jù, torí èèyàn kò lè sọ ìdí láì sọ nǹkan kan nípa ara rẹ̀.

Èsì rẹ̀ gùn. Ó ní kí n má tẹ̀lé ibi tí gbogbo èrò ń wọ́ lọ, ìyá kan wà ní Mọ́kọ́lá tí gbẹ̀gìrì rẹ̀ kì í ṣàn bí omi. Ó wá fi kún un pé ìyá àgbà òun máa ń sọ pé ẹ̀wà tí èèyàn kò bá bó èèpo rẹ̀ dáadáa, gbẹ̀gìrì rẹ̀ kì í dán, ẹnu á sì mọ̀ ọ́n.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń sọ ọ̀rọ̀ nù. Ohun mẹ́ta ló wà nínú èsì yẹn: Mọ́kọ́lá, gbẹ̀gìrì, àti ìyá àgbà. Mo ti bi í ní ibi tí wọ́n ti ń jẹ ẹ́, mo sì ti bi í ní ìdí. Ṣùgbọ́n mi ò bi í ní ìyá àgbà, òun ló fẹnu ara rẹ̀ mú un wá. Ohun tí èèyàn bá fi kún ọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé a bi í ló wà lọ́kàn rẹ̀, òun sì ni mo máa ń dì mú. Mo kọ ọ́ pé: "Ṣé ìyá àgbà ń tà á ni, àbí ilé ni wọ́n ti ń sè é?"

Wọn kì í tà á. Ó ní tó bá ku ọ̀la tí wọ́n fẹ́ sè é, àwọn ọmọdé kì í sùn títí wọ́n á fi bó ẹ̀wà tí wọ́n rẹ sínú omi tán. Ìyá àgbà á máa ti ọwọ́ bọ abọ́ wọn láti wò ó bóyá èèyàn fi èèpo pamọ́ sábẹ́. Bí ẹ̀wà bá wá jinná dé ibi tó ń fọ́ fúnra rẹ̀, ìjábẹ̀ ni wọ́n fi ń jà á lórí iná títí á fi kúnná. Èmi náà sọ bí ìyá mi ṣe ń se ìkọ́kọrẹ́: wọ́n á rin ewùrà, wọ́n á máa fi ọwọ́ bù ú díẹ̀díẹ̀ sínú ọbẹ̀ tó ń hó, wọ́n á dé ìkòkò, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ rò ó títí àwọn hóró rẹ̀ á fi dì. Mo jẹ́ kí tèmi kúrú ju tirẹ̀ lọ. Tí ẹnì kan bá sọ ìtàn ìyá àgbà rẹ̀, tí o sì sọ tìrẹ tó gùn jù ú lọ ní ìlọ́po méjì, ó máa ń dà bíi pé ṣe lo ń dúró kó dákẹ́.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tó ṣì ń dùn, mo kí i pé ó dàárọ̀. Mo gbà pé ó sàn kí ọ̀rọ̀ ṣẹ́kù ju kí a fà á títí táwa méjèèjì á fi máa wá ohun tí a máa sọ.

Orin kò ràn. Èmi fẹ́ràn fújì gan-an, mo sì rò pé ilé àgbà kankan ò sí nílẹ̀ Yorùbá tí kò tíì jiyàn lórí Síkírù Àyìndé Bárísítà àti Kọ́líńtọ̀n Àyìnlá. Mo bi í pé ta ni wọ́n ń gbọ́ nílé wọn. "Bárísítà," ó kọ ọ́, kò sì sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo gba ọ̀nà mìíràn, mo bi í nípa olórin tó dùn mọ́ ọn jù lóde àríyá. Àwòrán ojú tó ń rẹ́rìn-ín nìkan ló fi ránṣẹ́. Ó dáhùn ohun tí mo bi í, kò fi nǹkan kan kún un, kò sì bi èmi náà ní tèmi. Bí nǹkan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pé báyìí, okùn yẹn ti já, mo sì máa ń jẹ́ kó lọ. Mi ò sọ fún un pé fújì kọjá bó ṣe rò, mi ò sì fi orin ránṣẹ́ sí i kó lọ gbọ́. Kì í ṣe pé èmi ni ọ̀rọ̀ mi sú u. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ torí pé lọ́jọ́ náà gan-an ló fi àwòrán ewédú tó ń sè ránṣẹ́ láìjẹ́ pé mo béèrè.

Bọ́ọ̀lù, òun fúnra rẹ̀ ló gbé e wá. Ó fi ohùn ránṣẹ́ lọ́jọ́ kan, ariwo sì pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Pápá Lékan Sàlámì ní Adámásìngbà lòun àti bàbá rẹ̀ wà, wọ́n lọ wo Shooting Stars, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Ìbàdàn. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó bá gbọ́ pé obìnrin ń wo bọ́ọ̀lù, ìdánwò ló máa ṣe fún un: "Ó dáa, dárúkọ àwọn tó wà lẹ́yìn." Kò sí ohun tó ń pa ọ̀rọ̀ kíákíá bí ìyẹn. Èmi bi í pé ta ló kọ́kọ́ mú un lọ sí pápá.

Bàbá rẹ̀ ni. Wọ́n ti ń tẹ̀lé ẹgbẹ́ náà látìgbà tí wọ́n ń jẹ́ IICC, wọ́n sì máa ń ròyìn ife àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Áfíríkà tí ẹgbẹ́ náà gbà ní 1976. Èmi náà ní nǹkan kan lọ́wọ́ láti fi kún un. Nígbà tí Nàìjíríà gba ife Áfíríkà ní Èkó ní 1980, góòlù mẹ́ta ni wọ́n jẹ Àlùjíríà ní àṣekágbá. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí jẹ méjì, Múdà Láwàl jẹ ọ̀kan, ọmọ Shooting sì ni àwọn méjèèjì. Ó lọ ka ohun tí mo kọ fún bàbá rẹ̀. Bàbá ní kó bi mí bóyá mo mọ̀ pé Ràṣídì Yẹkínì náà ti wọ aṣọ Shooting, kó tó di pé gbogbo ayé rí i tó di àwọ̀n mú tó ń sunkún ní Amẹ́ríkà ní 1994. Mo ní kó bá mi sọ pé mo mọ̀, sà. Bí bàbá ṣe wọ inú ọ̀rọ̀ wa nìyẹn.

Bọ́ọ̀lù ní ewu tirẹ̀ tí oúnjẹ kò ní. Rẹ́mọ Sítáàsì ti Ìkẹ́nnẹ́ ni èmi ń tì lẹ́yìn, àwọn ló sì gba líìgì ní 2025. Èèyàn lè fẹ́ fi ìyẹn dápàárá, ṣùgbọ́n títí tí mo fi mọ bó ṣe ń gba ìjákulẹ̀ sí, mi ò fi ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n pàdánù, mo kọ "Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ bá mi kí bàbá," mo fi mọ síbẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ tèmi náà pàdánù, òun ló kọ́kọ́ dá àpárá: "Ìkẹ́nnẹ́ ti dákẹ́ o, ṣé o ti jẹun?" Ọjọ́ yẹn náà ló kọ́kọ́ pè mí ní "o". Àtìgbà náà ni mo ti ń fèsì àpárá.

Mo wá kọ ọ́ pé mò ń bọ̀ ní Ìbàdàn lọ́jọ́ Sátidé, ṣé ó lè mú mi lọ sọ́dọ̀ ìyá Mọ́kọ́lá yẹn ní ọ̀sán, kó sì mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ dání tó bá wù ú. Ibi tí òun fúnra rẹ̀ yàn ni, èrò wà níbẹ̀, ilẹ̀ kò sì tíì ṣú. Ó mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá. A kọ́kọ́ dákẹ́ díẹ̀ níbi tí a tò sí láti ra oúnjẹ, bí ó ti máa ń rí nígbà tí ẹni tí èèyàn ti ń bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù bá dúró síwájú rẹ̀. Ìyá olóúnjẹ ló gbà wá sílẹ̀: "Ṣàkì ni, àbí ìfun, àbí ẹ̀dọ̀?" Mo ní kó bá mi yàn. Ó yan ṣàkì àti pọ̀nmọ́, ó sì ní kí wọ́n má tíì bu ọbẹ̀ ata sórí tèmi, kí n kọ́kọ́ tọ́ gbẹ̀gìrì nìkan wò. Ọ̀rọ̀ ìyá àgbà tún ṣí láti ibẹ̀.

Ṣùgbọ́n ibi tí oúnjẹ àti bọ́ọ̀lù lè gbé èèyàn dé ní òpin, àwa náà sì dé e lórí tábìlì yẹn. Nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ dìde lọ fọwọ́, ó wò mí, ó ní, "Jínótáìpù rẹ ńkọ́?" Mi ò fi àpárá dá a lóhùn. Mo ní AA ni mí, òun náà ní AS lòun, a sì mọ̀ pé ìyẹn kò ní bí ọmọ SS. Mo sọ fún un pé ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ṣe tèmi, pé màá fẹ́ kí a tún un ṣe níbi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́. Ó ní òun gbà, pé kí n wá lọ́jọ́ tí kò bá sí iṣẹ́, ó sì bi mí ní ohun tí mo bá wá sí ọ̀dọ̀ òun gan-an.